Orúkọ Wo Ni Kí N Máa Pè Wọ́n?

ÌBÉÈRÈ

Ọmọ ọdún 24 ni mí, Kétu ni mò ń gbé, àjọ ni mò ń gbà. Àwọn oníbàárà mi tó 60, obìnrin ọjà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ní kí n máa pe oníbàárà lórúkọ, kí n sì máa rántí ohun tí wọ́n bá bá mi sọ, pé ìyẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé mo kà wọ́n sí. Mo bá há gbogbo orúkọ orí káàdì sórí. Nígbà tí mo pe ìyá kan tó ń ta gàrí ní tirẹ̀, ńṣe ló wò mí láti òkè délẹ̀, kò dáhùn. Lọ́jọ́ kejì, mo bi í níwájú àwọn tó ń rajà pé ṣé ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn lọ́sẹ̀ tó kọjá ti gbádùn. Ó ní, "Gba owó ẹ, kó o máa lọ." Ó ti di ọjọ́ 4 báyìí tí kò dá àjọ. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?
Alájọ, Kétu

ÌDÁHÙN

O kú ìrìn, ọmọ mi. Ohun tí ọ̀gá rẹ kọ́ ọ dára, ibi tí o ti lọ mú orúkọ ni kò dára. Orúkọ orí káàdì, ti ìwé ìjọba àti ti ìrìbọmi ni. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá wọ̀nyí kì í gbọ́ orúkọ yẹn àfi bí nọ́ọ̀sì bá ń pè wọ́n, tàbí bí agbófinró bá ń yẹ ìwé wọn wò lójú ọ̀nà. Bí ọmọ ọdún 24 bá wá fi pe ìyá tó lè bí i, tí kò fi nǹkan kan ṣíwájú rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ mú ni yóò ṣe rí létí rẹ̀.

Má bi í pé kí ni kí o máa pè é. Dúró lọ́dọ̀ ẹni tó pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, máa kọ káàdì tìyẹn, kí o sì fetí sílẹ̀. Wàá gbọ́ ohun tí aládùúgbò ń pè é, wàá gbọ́ tọmọ rẹ̀, wàá gbọ́ ti alábàárù. Ẹnì kan lè pè é ní Ìyá Rẹ̀mí, òmíràn á ní Ìyá Onígàrí, àgbà kan tó ń kọjá lọ á sì kí i pé, "Àbẹ̀kẹ́, o ò jí ire?" Méjì àkọ́kọ́ ni ìwọ lè mú. Àbẹ̀kẹ́ kì í ṣe tìrẹ. Oríkì rẹ̀ nìyẹn, àwọn tó jù ú lọ ló ni ín. Ohun tí wọ́n ń pè é lónìí ni kí o sì mú, kì í ṣe èyí tí o gbọ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn, nítorí ọmọ tí wọ́n fi ń pe ìyá lè ti kú. Bí o bá sì gbọ́ tí wọ́n ń pe ẹnì kan ní Ìyá Ìbejì, pè é bẹ́ẹ̀, má bi í pé àwọn ìbejì dà.

Rántí bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣe. Kì í pe àwọn ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, bó ti wù kí wọ́n kéré tó. Á kọ́kọ́ máa wò wọ́n, lẹ́yìn náà ni yóò fún kálukú lórúkọ tó bá ohun tó rí lára wọn mu. Ọmọ tó ń lọ síléèwé á di Akọ̀wé. Kí ọmọ náà tó gbọ́ orúkọ yẹn, ìyàwó ti fojú sí i lára fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ọmọ náà sì mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń ṣàìsàn ló bà mí nínú jẹ́ jù, torí pé inú rere lo fi sọ ọ́. Ìbéèrè ni o fi rántí, ìbéèrè sì ń fẹ́ èsì. Bí ara ọmọ bá ti burú sí i ńkọ́? Ṣé kí ìyá máa ṣàlàyé fún ọ, kí ẹni tó ń wọn gàrí sì máa gbọ́? Ẹléfẹ̀ nìkan ló láṣẹ láti sọ ọ̀rọ̀ ilé onílé láàrin èrò, àní òun náà á kọ́kọ́ júbà.

"Ẹ kú" ni àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́ fún irú èyí. Ká ní o sọ pé, "Ẹ kú ìtọ́jú, Ìyá Rẹ̀mí," tí o sì tẹ orí ba, tí o ń kọ káàdì, òun nìkan ni ìbá mọ ohun tí o ń kí i sí. Ó lè ní, "A dúpẹ́," kí ó tán síbẹ̀. Ó sì lè fà ọ́ mọ́ra kí ó sọ gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni ilẹ̀kùn wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ kú ìrìn fún ẹni tó sọ lánàá pé òun ń lọ sí Ìlárá, àti ẹ kú ìnáwó fún ẹni tó ṣe ìyàwó ọmọ.

Ṣùgbọ́n ẹ kú ń fẹ́ kí o rántí dáadáa. Bí ẹnì kan bá ṣe òkú, tí o kò rántí òkú ta ni, o lè kí i ní ẹ kú àṣẹ̀yìndè, èyí tó yẹ òkú àgbà, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ ló sin. Ẹ kú ìrọ́jú ni tìyẹn. Èmi fúnra mi, nígbà tí mò ń gbàjọ, mo da orúkọ méjì pọ̀ mọ́ra wọn láàrin àwọn aláta, mo sì kí ẹni tó ti ń wá ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ẹ kú ewu ọmọ. Kò bínú. Ó kàn sọ pé, "Ìyá kejì ni, ọmọ mi." N kò tíì gbàgbé ohùn rẹ̀.

Nítorí náà, kọ ọ́ sílẹ̀. Baba Ẹlẹ́gùn tó ń ka ìtàn Kétu níjọ́ tí Alákétu bá gorí ìtẹ́, inú ìdílé tó ń há a sórí ni wọ́n bí i sí. Ìwọ, 60 ilé ni tìrẹ, oòrùn sì ń pa ọ́. Ra ìwé kékeré kan tí kì í ṣe ìwé owó, nítorí ọ̀gá rẹ ń wo ìwé owó. Ìlà kan fún ẹnì kan tó: ohun tí wọ́n ń pè é, ohun tó sọ, ọjọ́ tó sọ ọ́. Má kọ ọ́ lójú rẹ̀, dúró kí o kúrò níwájú ìsọ̀ náà. Kí o tó padà wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó ń bọ̀ ló wúlò jù, bí ìdánwò ọmọ tàbí ọjọ́ tí ọkọ yóò ti oko dé. Bí o bá ti kí i sí ọ̀ràn kan, fa ìlà sí i. Ẹni tí o kí sí ẹsẹ̀ dídùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta á rò pé ẹsẹ̀ yẹn nìkan ni o ń rí. Má kọ gbèsè, má kọ ìjà tọkọtaya, má kọ orúkọ àìsàn, nítorí ìwé lè bọ́ lápò.

Ohun kan kù tó ń ba gbogbo èyí jẹ́. Ihò 31 ló wà lórí káàdì, o mọ̀ pé owó ọjọ́ kan nínú rẹ̀ ni tìrẹ. Bí o bá ń kí wọn kìkì lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá, wọn yóò mọ̀ pé owó ni o ń kí. Lọ́jọ́ tí ìyá kan bá sọ pé ọjà ò tà, pè é lórúkọ bákan náà, kí i sí ohun tó sọ fún ọ bákan náà, kí o sì kọjá.

Ní ti onígàrí, lọ bá a láàárọ̀ kùtù, kí èrò tó dé. Kúnlẹ̀, kí o sọ pé, "Ìyá Rẹ̀mí, ẹ má bínú, mo sọ̀rọ̀ yín láàrin èrò." (Ohun tí o bá gbọ́ pé wọ́n ń pè é ni kí o pè, kì í ṣe Rẹ̀mí tèmi.) Má dárúkọ ọmọ náà. Bó bá fẹ́ kí o mọ̀, á sọ fún ọ. Má sì mú káàdì dání lọ́jọ́ náà.