Nọ́ńbà Tó Wà Láàárín: Bí Èrò Ṣe ń Kúrò Nínú Fótò

Ẹni tó bá fẹ́ ya Gbọ̀ngàn Màpó n'Ìbàdàn, ilé olópòó gíga tí wọ́n ṣí ní 1929, lè dúró títí kí àtẹ̀gùn ibẹ̀ má sì dá rárá. Ẹnìkan ń gòkè, ẹnìkan ń sọ̀, ẹlòmíràn dúró ń ya ara rẹ̀. Síbẹ̀, a lè rí fótò ilé náà láìsí èrò kankan, bí a bá ya fótò mẹ́sàn-án dípò ẹyọ kan, tí a sì jẹ́ kí ìṣirò kékeré kan ṣe ìyókù.

Ẹ jẹ́ ká mú ojú kan ṣoṣo lára ògiri náà. Lójú kọ̀ǹpútà, àwọn àmì tíntìntín tí à ń pè ní píksẹ́lì ló para pọ̀ di fótò, nọ́ńbà ló sì fi ń mọ bí ìmọ́lẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó: 0 ni dúdú bíríbírí, 255 ni funfun báláú. Bí kámẹ́rà kò bá kúrò lójú kan, píksẹ́lì kan náà nínú fótò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lè rí báyìí:

183, 184, 41, 182, 183, 236, 184, 60, 182

Ògiri ni 182, 183 àti 184. Ìyàtọ̀ bíńtín yẹn ti ọwọ́ kámẹ́rà wá, torí kì í ka ìmọ́lẹ̀ kan náà bákan náà gẹ́lẹ́ nígbà gbogbo. Ọkùnrin aláṣọ dúdú tó ń kọjá ni 41, agbádá funfun ni 236, irun orí ẹnìkan ni 60.

Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó di 1,435. Ẹ pín in sí mẹ́sàn-án, ó di bíi 159. Iye yìí kì í ṣe ti ògiri, kì í ṣe ti èèyàn. Àbàwọ́n ṣíṣú ló máa fi síbi tí èrò ti kọjá. Ẹ wá tò wọ́n láti kékeré dé ńlá: 41, 60, 182, 182, 183, 183, 184, 184, 236. Èyí tó ṣe ìkarùn-ún, tó wà láàárín gbùngbùn, ni 183. Ògiri gan-an nìyẹn! Bí àwọn ọmọ kíláàsì bá tò bí wọ́n ṣe ga tó, tí ẹ fi òmìrán rọ́pò ẹni tó gùn jù, ọmọ tó wà láàárín kò ní yí padà. Kọ̀ǹpútà kò mọ èèyàn yàtọ̀ sí ewúrẹ́ o. Ohun tó bá wà lójú kan nínú èyí tó ju ìdajì àwọn fótò náà lọ ló máa kù níbẹ̀. Gbogbo píksẹ́lì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, ó sì ń ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù.

Ìdí nìyẹn tí kámẹ́rà fi gbọ́dọ̀ wà lórí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má sì jẹ́ kó máa fúnra rẹ̀ pààrọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀: bí fótò kan bá mọ́lẹ̀ ju ìyókù lọ, ògiri inú rẹ̀ kì í ṣe 183 mọ́, títò náà á sì dàrú. Ẹ fi bí ìdajì ìṣẹ́jú sáàárín fótò kan àti èkejì. Ẹni tó ń gba iwájú yín kọjá á ti lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ kámẹ́rà máa ń pẹ́ lójú kan nínú fótò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ní sùúrù fún. Ẹ má sì fà á di odindi òwúrọ̀, torí òjìji àwọn òpó yóò ti sún.

Nínú Photoshop, `File > Scripts > Load Files into Stack` ni ẹ ó lọ, kí ẹ fàmì sí `Create Smart Object after Loading Layers`, lẹ́yìn náà `Layer > Smart Objects > Stack Mode > Median`. Ẹni tó ní ImageMagick, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè kọ ìlà kan péré:

```
magick *.jpg -evaluate-sequence median mapo.png
```

Ẹ wá sún fótò náà mọ́ra, kí ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn òpó àti orí àtẹ̀gùn dáadáa. Bí ẹ bá rí ẹsẹ̀ méjì tí kò ní olórí, ẹnìkan ti jókòó síbẹ̀: ó ń mi orí, ó ń ju ọwọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò nínú fótò márùn-ún ó kéré tán. Níbẹ̀, nọ́ńbà bíi 41 ló bọ́ sáàárín.

Fótò púpọ̀ sí i máa ń ran èrò tó ń rìn lọ́wọ́ láti pòórá. Níbi tí èèyàn ń bo ojú kan ní 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà, fótò mẹ́sàn-án yóò kùnà ní bíi ojú 10 nínú 100. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò kùnà ní bíi 5. Ẹni tó jókòó kò sí nínú ìṣirò yìí. Ọgọ́rùn-ún fótò kò lè yọ ọ́ bí kò bá dìde, nítorí náà, ẹ lọ kí i, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó sún díẹ̀.