Ta Ló Rán Ọfà Yìí Níṣẹ́?

Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan tó ń gbé ní Òpópónà Karùn-ún ní Fẹ́sítáàkì fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n bá òun yẹ èdè Yorùbá ara rẹ̀ wò. Ètò tí wọ́n fi ń ta gáàsì ìdáná fún àwọn ará Fẹ́sítáàkì àti Amuwo-Ọ̀dọ̀fin ni àwòrán náà ń ṣàlàyé. Oníbàárà á paṣẹ sílíńdà kílò 12.5 lórí fóònù, á sanwó, ètò náà á sì wá ẹni tí yóò gbé e lọ fún un. Orí kíláúdù ni gbogbo rẹ̀ wà, ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà tí wọ́n háyà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe é. Àpótí mẹ́tàlá ló wà nínú àwòrán náà, ọfà tó lé ní ọgbọ̀n sì ń gba orí ara wọn kọjá. Àwọn tó ni òwò ló fẹ́ kà á, wọn kì í sì í ṣe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ìdí nìyẹn tó fi kọ ọ́ ní Yorùbá.

Àmì ohùn ni mo kọ́kọ́ ń wò. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé inú gbólóhùn tó kọ sára ọfà gan-an ni rúdurùdu àwòrán náà ti bẹ̀rẹ̀. Lára ọfà kan ó kọ “wọ́n fi dátà ránṣẹ́”, lára òmíràn “a ti gbà á”, lára ẹ̀kẹta “wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀”. Ta ni “wọ́n”? Ta ni “a”? Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́, kò sóhun tó burú nínú “wọ́n ti jí mọ́tò mi”, nítorí olè ni gbogbo wa mọ̀ pé ó jí i. Nínú àwòrán ètò, àpótí mẹ́tàlá ló lè jẹ́ “wọ́n”. Tí oníṣe kò bá lórúkọ, ẹni tó ń yàwòrán á ta ọfà láti ibi tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ohun tí mo ní kó ṣe nìyí: kó pa àwòrán tì ná, kó mú ìwé, kó sì kọ gbólóhùn kan fún ọfà kọ̀ọ̀kan. Oníṣe ni kó ṣáájú, kí ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ohun tí wọ́n gbé, àti ẹni tó gbà á lópin. “Fóònù ń gbé àṣẹ fún olùpín-iṣẹ́.” “Olùpín-iṣẹ́ ń pín àṣẹ fún ètò títà.” “Ètò títà ń kọ àṣẹ sínú dátábéèsì.” Bí gbólóhùn Yorùbá ṣe tò nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ojú wa ṣe ń ka ìwé, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Tí oníṣe bá wà lápá òsì, tí olùgbà sì wà lápá ọ̀tún, gbólóhùn àti ọfà á máa rìn pọ̀. “Ni” tí a fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. “Inú dátábéèsì ni ètò títà ń kọ àṣẹ sí” kò lábùkù rárá, ṣùgbọ́n ó ti gbé olùgbà síwájú oníṣe, ojú ẹni tó ń kà á á sì sáré dé òpin ọfà kó tó padà wá síbẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tọ́jú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ de àlàyé ìsàlẹ̀ àwòrán.

Nígbà tó kọ ọ́ tán, púpọ̀ nínú àwọn ọfà náà bọ́ fúnra wọn. Ọfà méjì-méjì ló ta láàárín fóònù àti olùpín-iṣẹ́, ọ̀kan fún ìbéèrè, èkejì fún èsì. Ẹni tó bá béèrè nǹkan ń retí èsì, kò pọn dandan ká yà á. Ó tún ya sáfà ètò títà méjì, nítorí pé méjì ni wọ́n háyà kí iṣẹ́ má bàa dúró tí ọ̀kan bá kú. Gbólóhùn kan náà làwọn méjèèjì ń jẹ́, nítorí náà àpótí kan tó, kí a kọ “×2” sí i. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀yìn, ìyẹn àwọn sáfà tó ń ṣe iṣẹ́ tí oníbàárà kò dúró dè, àti fún dátábéèsì tó ní ẹ̀dà. Ọfà mẹ́sàn-án sì ta láti ara àpótí lóríṣiríṣi lọ síbi tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ jọ sí. Mo ní kó pa gbogbo wọn rẹ́, kó fa ìlà gbọọrọ kan sísàlẹ̀ àwòrán, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àpótí gbogbo ń kọ àkọsílẹ̀ síbí.

Ibi tó le jù ni ìlà ìdúró, níbi tí iṣẹ́ ti ń tò kí òṣìṣẹ́ ẹ̀yìn tó dé orí rẹ̀. Ó kọ “ìlà ń fún òṣìṣẹ́ ní iṣẹ́”. Mo bi í bóyá ìlà lè dédé fún ènìyàn ní nǹkan. Ó ní rárá, òṣìṣẹ́ ló ń wá béèrè ní gbogbo ìgbà bóyá iṣẹ́ wà. Nígbà náà “fún” kò bọ́ sí i, “mú” ló yẹ: “Òṣìṣẹ́ ń mú iṣẹ́ nínú ìlà.” Ṣùgbọ́n tí ọfà bá gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ oníṣe, yóò yíjú sẹ́yìn láti ọ̀tún sí òsì, òfin wa á sì fọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ya irú àwòrán yìí gbọ́dọ̀ pinnu kan: ṣé ọfà ń sọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni, àbí ọ̀nà tí dátà ń gbà? Tí a bá po méjèèjì pọ̀ nínú àwòrán kan, kò sẹ́ni tí yóò lè kà á. A mú ọ̀nà dátà, nítorí ohun tí àwọn olówò fẹ́ mọ̀ nìyẹn, a sì kọ oníṣe sára ọfà kan ṣoṣo tó yàtọ̀ náà. Bó ṣe tẹ apá ìsàlẹ̀ àwòrán nìyí:

```
flowchart LR
  F[Fóònù] -->|gbé àṣẹ fún| P[Olùpín-iṣẹ́]
  P -->|pín àṣẹ fún| E["Ètò títà ×2"]
  E -->|to iṣẹ́ sínú| I[Ìlà ìdúró]
  I -->|òṣìṣẹ́ ló lọ mú un| O["Òṣìṣẹ́ ẹ̀yìn ×2"]
```

`LR` yẹn ló ń sọ fún Mermaid, ètò tó ń ya àwòrán náà, pé kó to àpótí láti òsì sí ọ̀tún. Tó bá jẹ́ `TB`, òkè ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ ìsanwó náà ní tirẹ̀. Ọfà olórí méjì ló so ó mọ́ ètò títà, gbólóhùn méjì tó yàtọ̀ pátápátá sì ló sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́: “Ètò títà ń ní kí ilé-iṣẹ́ ìsanwó gba owó.” Èkejì, tó lè dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan: “Ilé-iṣẹ́ ìsanwó ń sọ fún wa pé owó ti wọlé.” Èkejì yìí kì í ṣe èsì àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tuntun ni, ẹnu ọ̀nà kan náà tí oníbàárà ń gbà ló sì ń gbà wọlé. Nítorí náà ilé-iṣẹ́ ìsanwó fara hàn lẹ́ẹ̀mejì, lápá òsì lábẹ́ fóònù, àti lápá ọ̀tún. Àwọn kan á ní àsọtúnsọ nìyẹn. Èmi gbà pé ó tọ́, nítorí oníṣe ni nínú gbólóhùn kan, olùgbà ni nínú èkejì.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àmì. “Láti òṣì sí ọ̀tún” ló wà lórí àwòrán rẹ̀, tòun ti àmì ìsàlẹ̀. Ìṣẹ́ ni òṣì. Òsì tí kò ní àmì ìsàlẹ̀ ni apá tí a ní a kì í fi júwe ilé bàbá ẹni. Dátà ń “ṣàn” bí odò, oníbàárà ń “san” owó, ara aláìsàn ń “sàn”: mẹ́ta yìí kò gbọdọ̀ dàrú nínú àwòrán tí owó àti dátà ti ń rìn pọ̀. “Ṣàn” pàápàá, nǹkan tí kò dáwọ́ dúró ni mo máa ń lò ó fún, bí àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀. Àṣẹ tó ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan ń “lọ” tàbí ń “kọjá” ni. Ọ̀wọ́ àpótí tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan ni “ìpele”. “Ìpèlé” ni aṣọ tí obìnrin ń fi sí èjìká. Ó sì tún lo “wá” àti “lọ” bó ṣe wù ú: “àṣẹ wá sí sáfà”, “iṣẹ́ lọ sí ìlà”. Ibi tí olùsọ̀rọ̀ bá dúró ló ń sọ èyí tó tọ́ nínú méjèèjì. Ẹni tó ń sọ “wá” dúró sínú sáfà, ẹni tó ń sọ “lọ” dúró ti oníbàárà. Mo ní kó dúró ti oníbàárà lápá òsì, kó má sì kúrò níbẹ̀, kí ohun gbogbo máa “lọ”.

Ìpele mẹ́fà ló kù, wọ́n tò ní òpó mẹ́fà: fóònù, olùpín-iṣẹ́, ètò títà, ìlà, òṣìṣẹ́ ẹ̀yìn, àti òpó tó gbẹ̀yìn. Òpó tó gbẹ̀yìn yìí ni èrò wà, nítorí bí àpótí bá ṣe tò sókè-sódò níbẹ̀ ló ń pinnu bóyá ọfà yóò gba orí ara wọn. Ọ̀nà yìí, ká kọ́kọ́ pín àpótí sí òpó, ká tó wá tún ètò inú òpó kọ̀ọ̀kan ṣe, ni Kozo Sugiyama àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan kọ sílẹ̀ ní 1981. Ní 1997, ìwádìí Helen Purchase fi hàn pé nínú àwọn àbùkù àwòrán tó yẹ̀ wò, ọfà tó gba orí ara wọn ló ń dí ìkàwé lọ́wọ́ jù lọ. Nínú tiwa, láti òkè dé ìsàlẹ̀, a to ilé-iṣẹ́ ìsanwó, ibi tí wọ́n ń kó àwòrán sí, dátábéèsì, àti ilé-iṣẹ́ tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ètò títà ń ta sí mẹ́ta òkè, ó sì ń ta sí ìlà nísàlẹ̀; òṣìṣẹ́ ẹ̀yìn ń ta sí méjì ìsàlẹ̀. Àpótí mẹ́wàá àti ọfà mẹ́wàá ló jẹ́, kò sì sí èyí tó gba orí òmíràn.

Ó dùn ún pé a ti yọ àwọn àpótí ńlá tó wà níta. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, àpótí kan tó ń jẹ́ `af-south-1` ló yí ohun gbogbo ká, ìyẹn ibùdó Amazon ní Cape Town tó ṣí ní 2020, `af-south-1a` àti `af-south-1b` sì wà nínú rẹ̀. Ó ń bẹ̀rù pé a ti sọ òótọ́ nù. Àmọ́ ibi tí nǹkan ń gbé yàtọ̀ sí iṣẹ́ tó ń ṣe. Fẹ́sítáàkì tí wọ́n kọ́ fún àjọ̀dún 1977 ni irú rẹ̀: ẹni tó bá gbọ́ Róòdù 512 mọ̀ pé Òpópónà Karùn-ún ló wà, ó sì mọ̀ pé lẹ́tà kúlóòsì ni yóò béèrè tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì náà kò ní sọ fún un bóyá télọ̀ ló ń gbé ilé ọ̀hún tàbí nọ́ọ̀sì. A ya àwòrán kejì fún ibùgbé, láìsí ọfà kankan nínú rẹ̀. Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí yóò tún sáfà ṣe ló nílò ìyẹn, olówò kò nílò rẹ̀.

Ó gbé àwòrán tuntun lọ bá àwọn olówò, ó sì ní kí ìyá kan nínú wọn fi ìka tẹ̀ lé àṣẹ kan láti òsì dé òpin, kó máa ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sókè. Ìyá náà kà á dé ibi tí ilé-iṣẹ́ ìsanwó ti ń sọ fún wọn pé owó ti wọlé, ó dúró. Ó ní, “Tí wọn ò bá wá sọ fún yín ńkọ́? Owó á ti kúrò lọ́wọ́ oníbàárà, gáàsì ò ní lọ.” Kò sí ọfà kankan tó dáhùn ìyẹn. Wọ́n ti fi gbólóhùn kọkànlá kún un báyìí: “Òṣìṣẹ́ ẹ̀yìn ń béèrè ipò owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìsanwó.” Ọfà rẹ̀ ń gba orí ọfà dátábéèsì àti ti ibi tí wọ́n ń kó àwòrán sí kọjá, nítorí náà ó ti ń wá bí yóò ṣe gbé ilé-iṣẹ́ ìsanwó sọ̀ kalẹ̀ nínú òpó ìkẹyìn.