Iṣẹ́ Ìjọba Lọ́sàn-án, Adìẹ Sísìn Láàárọ̀ àti Lálẹ́

Owó oṣù kì í tó oṣù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba fi ń wá nǹkan mìíràn kún iṣẹ́ wọn. Ẹnì kan ń ta aṣọ, ẹlòmíràn ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé èrò, ẹlòmíràn ń sin adìẹ. Lójú aládùúgbò, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Lójú òfin Nàìjíríà, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 ní Àfikún Karùn-ún, tó sọ bí òṣìṣẹ́ ìjọba yóò ṣe máa hùwà. Ó sọ níbẹ̀ pé ẹni tó gba iṣẹ́ ìjọba ní iṣẹ́ ojoojúmọ́ kò gbọdọ̀ máa darí òwò aládàáni, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ lọ́wọ́ nínú dídarí rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni òfin yọ sílẹ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀ sì ni. Òfin yìí mú akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, ó mú nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba, ó sì mú olùkọ́ yunifásítì ìjọba pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní Ìyá Bọ́lá ń ṣiṣẹ́ ní ṣìtọ́ọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba kan n'Ìbàdàn. Òun ló ń gba ẹrù tí àwọn agbaṣẹ́ṣe bá kó wá. Òun ló ń kà á, òun ló sì ń fọwọ́ sí ìwé pé ó pé. Ó fẹ́ máa sin adìẹ ẹran, èyí tí àwọn olùsìn ń pè ní bùròílà, lẹ́yìn ilé rẹ̀. Òfin gbà á láyè. Ohun tó kù ni àkókò tí yóò fi tọ́jú wọn, àti ẹni tí yóò tà wọ́n fún.

Ká mú ti àkókò. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni Ìyá Bọ́lá gbọ́dọ̀ wà níbi iṣẹ́, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni yóò kúrò. Bó bá jí ní aago márùn-ún, ó ní bíi wákàtí kan kó tó múra iṣẹ́, ó sì tún ní wákàtí kan tàbí méjì bó bá dé lálẹ́. Àkókò yìí ló yẹ kó sọ iye adìẹ tí yóò sìn, kì í ṣe iye owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àádọ́ta bùròílà tó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ń jẹ oúnjẹ bíi kílò mẹ́jọ lóòjọ́. Àpò oúnjẹ kílò 25 yóò tó wọn fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta. Omi tí wọ́n ń mu kò ju kẹ́ẹ̀gì kan lọ lọ́pọ̀ ọjọ́. Èyí kò le jù fún ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá di 500, àpò mẹ́ta ó lé ni yóò máa gbé lóòjọ́, kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá ni yóò máa pọn. Wákàtí kan àárọ̀ kò lè gba ìyẹn. Yóò di pé kó máa pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kúẹ́rì yóò sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ sin 500 ní láti gba ọmọ iṣẹ́, kó sì kọ́kọ́ yọ owó ọmọ iṣẹ́ náà kúrò kó tó máa ka èrè.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló le jù. Ọmọ adìẹ ọlọ́jọ́ kan kò lè mú ara rẹ̀ gbóná. Bí òtútù bá mú wọn, wọn yóò kóra jọ, àwọn kan yóò sì tẹ àwọn yòókù pa. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa yọjú sí wọn tọ̀sán-tòru. Bí wọ́n bá kó ara wọn jọ sábẹ́ iná, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá fún iná tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ooru pọ̀ jù. Kò sí bí ẹni tó wà ní ṣìtọ́ọ̀ ṣe lè rí èyí láago méjìlá ọ̀sán. Nítorí náà, ìgbà tí Ìyá Bọ́lá bá gba ìsinmi ọdún rẹ̀ ni kó ra ọmọ adìẹ. Bó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, wọn yóò ti gbó díẹ̀, oúnjẹ àti omi tó bu sílẹ̀ láàárọ̀ yóò sì gbé wọn dé ìrọ̀lẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọ́n ti tó tà, ilé yóò ṣófo, òun náà yóò sinmi. Adìẹ tó ń yé ẹyin kò ní irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, kì í ṣe ẹran ọ̀sìn ẹni tó ń lọ ọ́fíìsì, àyàfi bó bá ní ẹni gidi nílé.

Ibi títà ni ewu tó tóbi jù wà. Ilé ìwòsàn tí Ìyá Bọ́lá ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná tó ń se oúnjẹ fún àwọn aláìsàn, wọ́n sì ń ra adìẹ. Àwọn ènìyàn yóò sọ fún un pé ibi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ la ti ń jẹ. Kó má dá wọn lóhùn. Òfin ìgbógunti ìwà ìbàjẹ́ ti ọdún 2000 sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ní ìpín tirẹ̀ nínú iṣẹ́ àgbàṣe tó jáde láti ọ́fíìsì rẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méje jura. Bó bá fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tà á, kò yí nǹkan kan padà. Àfikún Karùn-ún sọ ọ́ gbangba pé ohun tí òfin kọ̀ fún òṣìṣẹ́, bó bá rán ẹlòmíràn ṣe é, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é.

Ọ̀nà kejì fara sin ju èyí lọ. Agbaṣẹ́ṣe tó ń kó ìrẹsì wá fún ilé ìwòsàn gbọ́ pé ó ń sin adìẹ. Ó wá sílé, ó ra ogún, ó sì fi ẹgbẹ̀rún méjì náírà lé iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ọ̀kẹ́ méjì náírà, tàbí 40,000. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ìrẹsì tó kó wá dín ní àpò méjì, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí Ìyá Bọ́lá. Ta ni yóò kọ̀ láti fọwọ́ sí i? Owó adìẹ kọ́ ni ẹgbẹ̀rún méjì yẹn, owó ìfọwọ́sí ni. Bí agbaṣẹ́ṣe bá fẹ́ san ju iye ọjà lọ, tàbí tó bá ra ohun tí kò wúlò fún un, a ti mọ ohun tó ń rà. Èyí tó mọ́ jù ni kí Ìyá Bọ́lá má tà fún ẹnikẹ́ni tí ẹrù rẹ̀ ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ọjà ọdún Ìléyá àti ti Kérésì wà níta.

Kó tún ṣọ́ra kó má di alájàpá. Bó bá ń ra adìẹ ẹlòmíràn kó tún un tà, ó ti kúrò nínú iṣẹ́ àgbẹ̀, ó ti bọ́ sínú òwò tí òfin kò gbà á láyè.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ aládàáni kò sí lábẹ́ Àfikún Karùn-ún. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ ni òfin tirẹ̀. Kó kà á dé ìsàlẹ̀. Bí ìwé náà bá ní kó gba àṣẹ kó tó ṣe iṣẹ́ mìíràn, kó gbà á ní kíkọ, nítorí ọ̀gá tó fẹnu sọ pé kò sí wàhálà lè ti kúrò níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ní ti òṣìṣẹ́ ìjọba, ó ku ìwé kan. Ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ohun ìní rẹ̀ àti gbèsè rẹ̀ sílẹ̀ fún àjọ tó ń mójú tó ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba. Ilé adìẹ tó kọ́ àti owó tó wà ní báńkì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí i pé ó parọ́ nínú ìwé náà, irọ́ yẹn nìkan ti tó láti sọ ọ́ di arúfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó adìẹ rẹ̀ mọ́.