Bí A Ṣe Ń Fèsì sí Nọ́ńbà Lásán

Nínú ẹ̀kọ́ òní, a ó sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ kan tí ó máa ń wọ inú fóònù láìsí ìkíni, láìsí orúkọ. Nọ́ńbà fóònù nìkan ni ó máa ń wà nínú rẹ̀, tàbí àdírẹ́sì ímeèlì nìkan. Ta ni ó rán an? Kí ni ó fẹ́? Ṣé kí a fèsì ni, àbí kí a dákẹ́?

Obìnrin kan ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́ ìwé kíkà lọ́dọ̀ wa ni. Ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní Ìyá Aláàdìrẹ. Ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí ara pátákó ìsọ̀ rẹ̀ kí àwọn oníbàárà lè rí i pè. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, iṣẹ́ wọlé fún un lórí WhatsApp láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀. Nígbà tí ó ṣí i, nọ́ńbà mìíràn ni ó bá níbẹ̀. Kò sí “ẹ káàsán,” kò sí nǹkan kan mọ́.

Aládùúgbò rẹ̀ kan ní, “Ẹ pè é o, ìyá. Bóyá oníbàárà ni.” Èkejì ní, “Ẹ gbé e sí gúrúùpù ẹgbẹ́ wa. Àwa ọgọ́ta tí a wà níbẹ̀, ẹnì kan á mọ ẹni tó ni ín.” Ìyá Aláàdìrẹ kò ṣe èyí, kò sì ṣe tọ̀hún. Ó gbé fóònù náà wá sí kíláàsì ní ìrọ̀lẹ́, a sì jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Nọ́ńbà méjì ni ó wà níbẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ tí a fi hàn án ni pé nọ́ńbà méjì ni ó wà lójú fóònù. Èyí tí ó wà lókè ni ti ẹni tí ó rán iṣẹ́. Èyí tí ó wà nínú iṣẹ́ náà lè jẹ́ ti ẹlòmíràn pátápátá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fiyè sí èyí. Wọn á tẹ nọ́ńbà ti inú, wọn á pè é, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà á sì rí nọ́ńbà tiwọn lójú fóònù rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí a ní kí ó ka iye àmì tí ó wà nínú nọ́ńbà náà. Nọ́ńbà fóònù alágbèéká ní Nàìjíríà jẹ́ àmì 11 bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0. Bí a bá kọ ọ́ ní ti òkè òkun, a ó yọ 0 náà kúrò, a ó fi +234 síwájú, yóò sì ku àmì 10 lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ +229 ni ó ṣíwájú, ti Bẹ̀nẹ̀ ni. Ti Tógò ni +228, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni +44. Bí orí nọ́ńbà bá ṣe àjèjì sí yín, tí ẹ kò sì ní ènìyàn ní òkè òkun tí ẹ ń retí, ẹ má pè é. Owó ìpè sí òkè òkun pọ̀ ju ti ilé lọ, àwọn kan sì wà tí wọ́n ń fi irú ìpè bẹ́ẹ̀ jẹun.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé orí nọ́ńbà tó ẹ̀rí. Ẹni tí ó wà ní ìlú mìíràn lè máa lo nọ́ńbà Nàìjíríà. Orúkọ tí fóònù bá kọ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà pàápàá, orúkọ tí ẹlòmíràn fi pa á mọ́ ni ó lè jẹ́.

Ohun mẹ́ta tí ó lè jẹ́

Nọ́ńbà lásán lè jẹ́ àṣìrán, pé ẹni náà fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn ni ọwọ́ rẹ̀ ṣì tẹ̀. Ó lè jẹ́ ti ẹni tí kò tíì mọ ìwé kọ dáadáa, tí ó fẹ́ kí a pe òun. Àwa náà ti gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tuntun rí. Ó sì lè jẹ́ ìwọ̀ tí a jù sínú odò láti mọ̀ bóyá ẹja wà níbẹ̀. Ẹni tí ó jù ú kò tíì mọ̀ yín. Ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan ń lo nọ́ńbà yín, bóyá ẹni náà sì máa ń dáhùn ni.

A kò lè fi ojú lásán mọ èyí tí ó jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà, èsì tí yóò bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu ni kí a fún un.

Èsì tí a kọ

Èyí ni ohun tí Ìyá Aláàdìrẹ kọ, sí ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lókè nìkan:

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Nọ́ńbà kan wọlé láti ọ̀dọ̀ yín láìsí ọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ẹ ń wá, kí sì ni iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ jẹ́ fún un?”

Ẹ wò ó dáadáa. Kò kọ orúkọ ara rẹ̀, kò sọ ọjà tí ó wà, kò sì tún nọ́ńbà náà kọ. Ó bi í pé “Ta ni ẹ ń wá?” kò bi í pé “Ṣé èmi ni ẹ ń wá?” Bí ó bá jẹ́ oníbàárà ni lóòótọ́, yóò fúnra rẹ̀ sọ pé aláàdìrẹ Ìtòkú ni òun ń wá. Bí ó bá jẹ́ gbájú-ẹ̀, kò ní rí orúkọ gbá mú. Bí ó bá sì yí ìbéèrè padà pé “Ìwọ ta ni?” èsì kan ṣoṣo ni kí a fún un: “Ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ ránṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ẹni tí ẹ ń wá.” Bí kò bá sọ, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn.

Kí ó tó fi èsì náà ránṣẹ́, a bá a wo àwòrán tí ó wà lórí WhatsApp rẹ̀. Òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni, nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́ tí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wà láyà rẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá ní nọ́ńbà rẹ̀ ni ó lè rí i. A ṣí ibi tí a kọ Privacy sí, a tẹ Profile photo, a sì yan My contacts. Láti ìgbà náà, kìkì àwọn tí ó pa nọ́ńbà wọn mọ́ sínú fóònù rẹ̀ ni ó ń rí àwòrán náà.

Ohun tí ó jáde

Èsì padà wá ní alẹ́. Ọkùnrin kan ni. Ó ti ra àdìrẹ lọ́wọ́ ìyá náà rí, ó sì fi “Àǹtí Aláṣọ” pa nọ́ńbà rẹ̀ mọ́. Àǹtí rẹ̀ gan-an ni ó fẹ́ ránṣẹ́ sí. Nọ́ńbà tuntun ti àbúrò rẹ̀ obìnrin ni nọ́ńbà náà. Ọkọ obìnrin yìí máa ń lù ú, ó sì ti sá kúrò nílé. Ó sọ nọ́ńbà àtijọ́ nù kí ọkọ náà má baà rí i mọ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ rò ó wò. Bí a bá ti gbé nọ́ńbà náà sí gúrúùpù ọgọ́ta ènìyàn, ta ló mọ ẹni tí ó máa dé ọwọ́ rẹ̀? Bí ẹnì kan bá dà á kọ, kò sí ẹni tí ó lè gbà á padà mọ́. Nọ́ńbà ẹlòmíràn dà bí kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ tí a ṣì fún wa. Ẹni tí ó ni ín nìkan ni ó lè yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ìyá Aláàdìrẹ kọ ọ́ sí i pé: “Ẹ ṣì í rán ni. N kò fi han ẹnikẹ́ni. Mo ti pa á rẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ pa á rẹ́ lọ́dọ̀ yín.” Láti pa á rẹ́, ó fi ìka mọ́lẹ̀ lórí iṣẹ́ náà títí ó fi hàn pé a ti yàn án, ó tẹ àmì agbọ̀n ìdọ̀tí, ó sì yan Delete for me. Ọkùnrin náà ní tirẹ̀ yan Delete for everyone. Ẹni tí ó rán iṣẹ́ ni ó lè yan èyí láti pa á rẹ́ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó pẹ́. Bí ó bá ti ju bí ọjọ́ méjì lọ, kò ní ṣeé ṣe mọ́.

Bí ó bá jẹ́ ímeèlì

Ọ̀nà kan náà ni. Bí iṣẹ́ bá wá tí kò ní ju àdírẹ́sì ímeèlì lọ, ẹ má kọ̀wé sí àdírẹ́sì náà. Ẹni tí ó ránṣẹ́ ni kí ẹ bi léèrè. Ẹ rántí pé bí ẹ bá fi ímeèlì fèsì, àdírẹ́sì yín ń bá a lọ, orúkọ yín ní kíkún sì lè bá a lọ pẹ̀lú. Ẹ wo ohun tí ó wà lẹ́yìn àmì @, nítorí níbẹ̀ ni ilé àdírẹ́sì náà wà. Bí ẹnì kan bá ní ilé ìfowópamọ́ ni òun, tí lẹ́yìn @ sì jẹ́ gmail.com, irọ́ ni. Ẹnikẹ́ni ni ó lè ṣí irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìgbà tí a gbọ́dọ̀ dákẹ́

Nígbà mìíràn, lẹ́yìn èsì wa, ẹni náà á sọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì fi nọ́ńbà mẹ́fà kan ránṣẹ́ sí fóònù yín. Ẹ bá mi kà á.” Kì í ṣe òun ni ó rán an. Ó ń gbìyànjú láti ṣí WhatsApp yín sórí fóònù tirẹ̀ ni, WhatsApp sì fi nọ́ńbà àṣírí alámì 6 ránṣẹ́ sí yín láti mọ̀ bóyá ẹ̀yin ni. Bí ẹ bá kà á fún un, ó ti wọlé nìyẹn, yóò sì máa fi orúkọ yín tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ yín. Ẹ má fèsì mọ́. Ẹ tẹ orúkọ tàbí nọ́ńbà tí ó wà lókè, ẹ yan Block.

Ìbéèrè

1. Nọ́ńbà mélòó ni ó wà lójú fóònù Ìyá Aláàdìrẹ? Èwo ni ó fèsì sí, kí sì ni ìdí rẹ̀?

2. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin “Ta ni ẹ ń wá?” àti “Ṣé èmi ni ẹ ń wá?”

3. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù tiyín ní ti òkè òkun sínú ìwé yín. Ẹ ka àmì tí ó tẹ̀lé +234. Ṣé ó pé 10? Lẹ́yìn náà, ẹ pa á rẹ́ kí ẹ tó fi ìwé náà han ẹnì kejì yín.

4. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ èsì ìlà méjì sí ẹni tí ó fi nọ́ńbà lásán ránṣẹ́ sí yín. Ẹ má fi orúkọ yín sí i. Ẹ mú un wá sí kíláàsì kí a jọ kà á.